Gilọkómà: Olè Tó Ń Jí Ìríran Láìfọhùn

Ènìyàn lè dúró níwájú pátákó lẹ́tà lọ́dọ̀ dókítà ojú, kó ka ìlà tó kéré jù lọ láìṣì, kó sì padà sílé pẹ̀lú ayọ̀ pé ojú òun dá ṣáká, nígbà tó jẹ́ pé àìsàn kan ti jẹ ju ìdajì lọ nínú iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ rẹ̀. Gilọkómà ni àìsàn náà. Irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù láàárín wa kì í dunni, kì í yúnni lójú, kì í jẹ́ kí ojú pọ́n. Kì í sì í fọwọ́ kan lẹ́tà tí a ń kà títí ọ̀rọ̀ yóò fi bàjẹ́ tán. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣègùn káàkiri ayé fi ń pè é ní olè tó ń jí ìríran láìfọhùn. Síbẹ̀, ó máa ń fi ipa ẹsẹ̀ sílẹ̀. Àwa la kì í dá ipa náà mọ̀, torí pé ó jọ ti ohun mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká fi awakọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ, ọkùnrin ẹni ọdún 48 kan tó ń ná Ìwó Road sí Òjòó ní Ìbàdàn. Kò tíì wo dókítà ojú rí, torí ó ń rí nọ́ńbà ọkọ̀ iwájú rẹ̀ ketekete. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀ sí i ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í jìn sí kòtò tí kì í jìn sí tẹ́lẹ̀. Ó ní ọ̀nà ti bàjẹ́ sí i, òótọ́ sì ni. Lẹ́yìn náà, ọ̀kadà kan ṣàdédé yọ níwájú rẹ̀. Ó bú ọlọ́kadà náà dáadáa, gbogbo èrò inú ọkọ̀ sì bá a bú u. Nígbà tó yá, ó ń ṣi ẹsẹ̀ gbé lórí àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Bí owó bá já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀, kọndọ́kítọ̀ ni yóò bá a rí i, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni owó náà wà. Bó bá ti inú oòrùn wọ yàrá, yóò dúró díẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó mọ́ ọn. Ó ra awò ojú lọ́jà, ó tún pààrọ̀ rẹ̀ kí ọdún tó yí po, kò sì rí ìyàtọ̀ kankan. Ìyàwó rẹ̀ ní àárẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ ní kó lọ gbàdúrà, torí ayé le. Kò sí ẹni tó so àwọn nǹkan wọ̀nyí pọ̀ mọ́ra wọn, torí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tí a lè dá a lẹ́bi fún.

Láti mọ ohun tó ń ṣe ọkùnrin yìí, ó yẹ ká mọ omi kan tó wà nínú ẹyinjú. Kì í ṣe omijé. Ìta ojú ni omijé ń gbà, èyí wà nínú lọ́hùn-ún. Ẹ̀yà ara kékeré kan tó wà lẹ́yìn dúdú ojú ló ń sun omi náà lọ́sàn-án lóru. Yóò gba inú ihò ọmọlójú bọ́ síwájú, yóò fi oúnjẹ bọ́ àwọn ibi tí ẹ̀jẹ̀ kì í dé nínú ojú, lẹ́yìn náà yóò gba inú asẹ́ kékeré kan jáde ní igun tí dúdú ojú ti pàdé funfun rẹ̀, yóò sì padà sínú ẹ̀jẹ̀. Bí èyí tó ń jáde bá tó èyí tó ń wọlé, kò sí wàhálà. Nínú gilọkómà tó wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, igun náà ṣí sílẹ̀ gbayawu, ṣùgbọ́n asẹ́ ibẹ̀ ló ń dí díẹ̀díẹ̀, bí ojú gọ́tà balùwẹ̀ tí ọṣẹ àti irun ń dí: omi ṣì ń lọ, àmọ́ kò lọ geere mọ́.

Ìfúnpá inú ojú á wá máa ga. Mìlímítà mẹ́kúrì tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru náà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ara wọn le sì wà láàárín 10 sí 21. Bí ìfúnpá bá ṣàdédé fò sókè, ojú yóò ro ènìyàn gógó. Ṣùgbọ́n bó bá ń gun òkè ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún ọdún bíi mélòó kan, ara á ti mọ́ ọn, kò ní fura. Ẹ̀yìn ojú ni ìyà náà ń jẹ. Níbẹ̀ ni nǹkan bíi mílíọ̀nù kan okùn tíntìntín ti pàdé, tí wọ́n para pọ̀ di iṣan kan, tí wọ́n sì gba ojú ihò kan náà jáde lọ sí ọpọlọ. Ìfúnpá yìí ń fún wọn mọ́ra, wọ́n sì ń kú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti kú kì í hù mọ́. Àwọn ènìyàn kan wà tí iṣan tiwọn kò lágbára rárá, tó fi jẹ́ pé ìfúnpá tí kò ju 21 lọ pàápàá ń pa á. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ àwọn yẹn, torí pé àwọn ni àyẹ̀wò máa ń fò dá jù.

Báwo ni ìríran ṣe ń lọ tí ẹni tó ni ín kò mọ̀? Ẹ jẹ́ ká fi ojú ara wa dán an wò. Ẹ mú bébà funfun kan. Ẹ fa àgbélébùú kékeré kan sí apá òsì rẹ̀, kí ẹ fi bírò kun àmì dúdú róbótó kan tó tó ẹyọ àgbàdo sí apá ọ̀tún, kí àárín méjèèjì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹ fi ọwọ́ bo ojú òsì. Ẹ fi ojú ọ̀tún tẹjú mọ́ àgbélébùú náà, ẹ má ṣe wo àmì dúdú. Ẹ na bébà náà jìnnà sójú, kí ẹ wá máa fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó bá tó bíi sẹ̀ǹtímítà 35 sí 40 sójú yín, àmì dúdú náà yóò pòórá. Bí ẹ bá tún fà á sún mọ́ tòsí, yóò padà yọ.

Ibi tí iṣan ìríran ti jáde lẹ́yìn ojú kò lè rí ohunkóhun, nítorí náà gbogbo wa la ní ihò kan nínú ìríran wa láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wa. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni ohun tí ẹ rí níbi tí àmì dúdú wà tẹ́lẹ̀. Ẹ kò rí òkùnkùn níbẹ̀. Bébà funfun lẹ rí. Ọpọlọ wo àyíká ihò náà, ó mú àwọ̀ tó wà níbẹ̀, ó sì fi dí i, kò sì sọ fún yín pé òun ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ṣe sí ihò tí gilọkómà ń dá sí ojú náà nìyẹn. Kòtò tó wà lójú títì ti bọ́ sínú ihò, ọpọlọ awakọ̀ wa sì fi ọ̀dà títì dí i. Ọ̀kadà bọ́ sínú ihò, ọpọlọ fi ojú ọ̀nà tó ṣófo rọ́pò rẹ̀, àfi ìgbà tí ọ̀kadà jáde ní òdì kejì tó wá dà bíi pé ilẹ̀ ló ti hù.

Ìdí kejì ni pé ojú wa méjì ni. Apá ibi tó sún mọ́ imú ni gilọkómà sábà máa ń kọ́kọ́ mú lára ohun tí ojú kọ̀ọ̀kan ń rí, apá yẹn gan-an sì ni ojú kejì náà ń rí. Nítorí náà ojú ọ̀tún á máa bo àṣírí ojú òsì, ojú òsì á máa bo ti ọ̀tún, fún ọdún púpọ̀. Ìgbà tí ihò ojú méjèèjì bá dé ojúkan náà ni ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í jìn sí kòtò. Ìdí kẹta sì ni pé àárín gbùngbùn ìríran, èyí tí a fi ń kàwé, tí a fi ń ka owó, tí a fi ń mọ ojú ènìyàn, ni gilọkómà sábà máa ń fi sílẹ̀ dìgbà ìkẹyìn.

Ó yẹ kí n tún ohun kan ṣe níbí. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìlera, àwòrán tí wọ́n fi ń ṣàpèjúwe gilọkómà ni ti òkùnkùn biribiri tó yí ká, tí ihò ìmọ́lẹ̀ kékeré kan wà láàárín. Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, àwọn olùwádìí Yunifásítì City fi oríṣiríṣi àwòrán han àwọn tí gilọkómà ń ṣe, wọ́n ní kí wọ́n mú èyí tó jọ ohun tí wọ́n ń rí. Èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2013. Kò sí ẹnì kan tó mú àwòrán òkùnkùn náà. Àwọn tó pọ̀ jù mú èyí tí apá kan rẹ̀ kàn ṣe bàìbàì, àwọn mìíràn mú èyí tí nǹkan kan ti sọnù nínú rẹ̀, àwọn kan sì ní àwọn kò rí àléébù kankan. Ẹni tó bá ń dúró de òkùnkùn kó tó lọ síbi àyẹ̀wò yóò dúró pẹ́ jù.

Ní Nàìjíríà, a mọ bí àwọn tó ń dúró ṣe pọ̀ tó. Láàárín ọdún 2005 sí 2007 ni wọ́n ṣe ìwádìí ńlá lórí ìfọ́jú àti àìríran dáadáa jákèjádò orílẹ̀-èdè yìí. Nínú àwọn tó ti pé ẹni 40 ọdún sókè, nǹkan bíi ẹni 5 nínú 100 ló ní gilọkómà. Nínú àwọn tó ní in, àwọn tó mọ̀ pé àwọn ní in kò tó 6 nínú 100. Ẹnì kan nínú márùn-ún wọn ló sì ti fọ́ lójú. Ìran wa náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1991, gilọkómà irú èyí tí à ń sọ pọ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ju ti aláwọ̀ funfun lọ. Ó tún máa ń mú aláwọ̀ dúdú láti ìgbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì pọ̀. Àwọn tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù á rántí Edgar Davids, agbábọ́ọ̀lù Netherlands tí wọ́n bí ní Suriname, tó máa ń de awò sójú wọ pápá. Gilọkómà ló fà á. Ẹni ọdún 26 ni nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú rẹ̀ ní ọdún 1999.

Ohun kan wà tí ènìyàn lè ṣe nílé. Kí ẹni méjì jókòó kojú ara wọn, kí àárín wọn tó mítà kan. Bo ojú òsì rẹ, kí ẹnì kejì bo ojú ọ̀tún tirẹ̀, kí ẹ sì tẹjú mọ́ ojú ara yín tó ṣí sílẹ̀. Kí ẹnì kejì wá máa fi ìka kan bọ̀ láti ìta wá sáàárín, láti òkè, láti ìsàlẹ̀, láti ọ̀tún, láti òsì. Ó yẹ kí ẹ̀yin méjèèjì rí ìka náà nígbà kan náà. Bí òun bá ti rí i tí ìwọ kò tíì rí i, ohun kan ti sọnù. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ojú padà. Ojú kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ ni kókó ibẹ̀, torí bí ojú méjèèjì bá ṣí, wọn yóò máa bo àṣírí ara wọn. Ṣùgbọ́n ihò tó bá ti tóbi nìkan ni èyí lè mú. Bí o bá yege nínú rẹ̀, kò túmọ̀ sí pé o bọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ awakọ̀ wa. Lọ́jọ́ kan, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù pè é, ó ní wọ́n ti rí gilọkómà lójú òun, wọ́n sì ní kí òun sọ fún àwọn ọmọ ìyá òun. Ó lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ojú ní ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n ní kó ka pátákó lẹ́tà, ó kà á tán, ojú méjèèjì jẹ́ 6/6. Wọ́n kán oògùn tó ń mú ojú kú sí i, wọ́n wọn ìfúnpá: ọ̀tún jẹ́ 27, òsì jẹ́ 31. Wọ́n wá tan iná wo ẹ̀yìn ojú rẹ̀. Orí iṣan ìríran tó yẹ kó kún ní etí rẹ̀ ti jin kòtò. Nínú ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn, kòtò yìí kì í tó ìdajì ìbú orí iṣan náà. Ti ojú ọ̀tún rẹ̀ ti tó 0.7, ti òsì ti di 0.9, ìyẹn ni pé etí tẹ́ẹ́rẹ́ ló kù. Wọ́n ní kó gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan tí inú rẹ̀ jẹ́ abọ́ funfun ńlá, kó tẹjú mọ́ àárín, kó máa tẹ bọ́tìnnì nígbàkígbà tí iná kékeré bá tàn níbikíbi. Ó jókòó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ fún ojú kọ̀ọ̀kan, ó rò pé iná náà kì í tàn déédéé. Iná ń tàn. Kò rí i ni.

Mo to gbogbo èyí lẹ́sẹẹsẹ torí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbọ́ pé ojú wọn dára lẹ́yìn tí wọ́n ka lẹ́tà nìkan tàbí tí wọ́n wọn ìfúnpá nìkan. Nínú ìwádìí Baltimore kan náà, ju ìdajì àwọn ojú tó ní gilọkómà ni ìfúnpá wọn kò tó 22 nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan. Ìfúnpá máa ń lọ sókè sódò láàárín ọjọ́ kan. Àyẹ̀wò tí kò bá wo ẹ̀yìn ojú kò tíì wá gilọkómà rárá.

Dókítà fún awakọ̀ wa ní látánópúrọ́sìtì, ẹ̀kán kan ní alaalẹ́. Ó máa ń dín ìfúnpá kù ní nǹkan bí ìdámẹ́rin sí ìdámẹ́ta. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, 27 ti di 19, 31 sì ti di 22. Etí gbọ́ èyí, inú dùn, ṣùgbọ́n dókítà kò rẹ́rìn-ín. Iṣan tó ti kú tó báyìí kò lè gba 22. Ó fẹ́ kó wá sí 14 tàbí 15. Ó bi í bóyá ó ní àsímà, torí oògùn kejì, tímólọ́ọ̀lù, lè fún ọ̀nà èémí pa. Kò ní in, wọ́n fi kún un, òsì di 18. Bí kò bá tún lọ sílẹ̀, iṣẹ́ abẹ ló kù, èyí tí wọ́n fi ń ya ọ̀nà tuntun fún omi náà láti jáde. Lésà náà wà níbi tí wọ́n bá ní ẹ̀rọ rẹ̀. Nínú ìwádìí tó jáde láti Tanzania ní ọdún 2021, ó ṣiṣẹ́ ju tímólọ́ọ̀lù lọ lẹ́yìn ọdún kan. Kò sí èyí tó lè dá ohun tó ti lọ padà nínú gbogbo wọn. Èyí tó kù ni wọ́n ń ṣọ́.

Ibí ni olè náà ti ń rí ọ̀nà padà wọlé. Oògùn yìí kì í mú kí ènìyàn ríran sí i. Ó máa ń mú ojú pọ́n díẹ̀, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ẹni tí kò mọ ohun tí ó wà fún yóò ní kò ṣiṣẹ́, yóò sì pa á tì, kò sì ní rí ìyàtọ̀ kankan fún oṣù púpọ̀. Ìdí tó fi yẹ kó máa lò ó ni pé bó bá jáwọ́, kò ní mọ̀ pé òun ń pàdánù. Bí ẹ bá ń kán an, ẹ̀kán kan ti tó. Ẹ di ojú, kí ẹ fi ìka tẹ igun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú fún bí ìṣẹ́jú méjì, kí oògùn náà má baà ṣàn lọ sí ọ̀fun.

Oògùn ojú mìíràn wà tó ń ṣe òdì kejì èyí, ó sì ń bà mí nínú jẹ́ gan-an. Bí ojú ọmọ bá ń yún un, a óò lọ sí kẹ́míìsì, wọn yóò fún wa ní oògùn ojú tí sítẹ́rọ́ọ̀dù bíi dẹ́sámẹ́tásónì wà nínú rẹ̀. Yíyún náà á lọ kíá, ojú á funfun, a ó sì máa padà lọ rà á. Bí a bá ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ dé oṣù láìsí dókítà tó ń wọn ìfúnpá, ó lè dí asẹ́ inú ojú, kó sì fa gilọkómà lójú ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún. Ẹ ka ara páálí oògùn ojú yín.

Irú gilọkómà kan wà tí kì í dákẹ́: igun ojú á pa dé lójijì, ojú á pọ́n, á máa dunni dé orí, èébì á máa gbé ènìyàn. Ọ̀rọ̀ pàjáwìrì lèyí, wákàtí díẹ̀ ló wà fún un. Ọmọ ìkókó náà lè ní in láti inú oyún. Bí ẹyinjú rẹ̀ bá tóbi jù, tó ń ṣomi, tí kò lè wo ìmọ́lẹ̀, ẹ má kàn máa yìn ín pé ojú rẹ̀ tóbi, ó rẹwà.

Àwọn tó sún mọ́ ewu jù ni ọmọ, àbúrò àti ẹ̀gbọ́n ẹni tó ti ní in, torí ó ń rìn nínú ẹbí. Ní England, ẹni tó bá ti pé ọdún 40 tí òbí rẹ̀, ọmọ rẹ̀ tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ní gilọkómà kò ní sanwó àyẹ̀wò ojú lábẹ́ NHS. Ní ilé, ẹ̀ka ojú wà ní UCH Ìbàdàn, àti ní Guinness Eye Centre tó wà ní LUTH ní Èkó. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ ṣe awò ojú. Ẹ sọ pé kí wọ́n wo ẹ̀yìn ojú yín bóyá gilọkómà wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá sì rí i, ẹ fóònù sí àwọn ọmọ ìyá yín lọ́jọ́ náà.